Ibi Tí Omi Ti Ń Dọ̀bálẹ̀

Ládáànì ni wọ́n yàn láti máa wo omi lábúlé náà, èmi náà sì gbà pé ẹni tó yẹ ni wọ́n yàn. Ẹni tó ti ń jí pe ìrun àsùbáà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí àwọn àkùkọ abúlé ń dúró gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó kọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní í sùn gbàgbé aago méje àárọ̀. Ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́ omi n'Ìbàdàn fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ládáànì ò lè purọ́." Òótọ́ ni. Bàbá kò purọ́ rárá nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò yìí, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí òótọ́ rẹ̀ gba omi lọ́wọ́ odidi abúlé.

Ẹ̀yìn Akanran ni abúlé náà wà, lójú ọ̀nà kan tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá gbé ọ débẹ̀ láàárọ̀, ara rẹ á ṣì máa gbọ̀n lálẹ́. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í gbẹ. Àwọn obìnrin abúlé ní oko ẹ̀fọ́ kan ní bèbè odò náà: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, tòmátì, ata. Bí òjò bá ń rọ̀, oko náà á tutù yọ̀yọ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, orí ni wọ́n fi ń ru omi gòkè bèbè, garawa lórí garawa, títí ẹ̀fọ́ á fi gbẹ tàbí tí ọrùn á fi ro wọ́n kú. Màmá kan ni olórí wọn, obìnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún ewúrẹ́. Òun ló wá sí ilé iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀, tó sọ pé kí ìjọba la ojú omi kan láti apá òkè odò, kí omi máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sínú oko.

Ọ̀gá wa kò kọ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ojú omi kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ lọ́dún náà, abúlé mìíràn sì wà tó ń tọrọ rẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò náà ń mu nínú odò yìí, a ò lè gba omi lẹ́nu wọn fún ẹ̀fọ́. Ó ṣírò ohun tí oko nílò, ó ṣírò ohun tí àwọn ará ìsàlẹ̀ nílò, ó ní bí odò náà bá lè mú lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá gbẹ jù lọ, a ó la ojú omi fún wọn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ńtì á lọ sí abúlé kejì. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ wíwọn odò náà lé lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn obìnrin yẹn gbọ́ pé obìnrin ni ìjọba rán wá, wọ́n sọ mí ní Àǹtí Olómi, orúkọ náà ò sì kúrò lára mi mọ́.

A kò lè fi igbá bu odò ká kà á. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó fi ògiri kọnkéré dí i, a ó wá fi irin pẹlẹbẹ kan sí àárín ògiri náà, irin tí a gé ẹnu onígun mẹ́rin sí lórí. Ẹnu náà fẹ̀ tó ààbọ̀ mítà, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú bí ọbẹ, ó sì dúró gbọọrọ. Odò á kún lẹ́yìn ògiri, á gba ẹnu yẹn nìkan kọjá, á sì fò sílẹ̀ níwájú. Ọ̀gá wa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́jọ́ tí a parí rẹ̀: omi náà ń fò jáde láìlẹ̀ mọ́ irin, atẹ́gùn ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀, omi tó dúró nísàlẹ̀ kò sì ga dé ètè irin. Bí gbogbo èyí bá ti pé, gíga omi tó ń gun orí ètè yẹn kọjá nìkan ló kù ká mọ̀. Gíga yẹn ni àwọn oníṣẹ́ omi ń pè ní orí.

Bí ìgbà òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni a ṣe iṣẹ́ náà, gbogbo abúlé sì wá wòran. A ri ọ̀pá onínọ́ńbà kan mọ́ inú omi lókè ògiri, bí ìṣísẹ̀ ńlá méjì sí irin. A lo ọ̀pá rọ́bà tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi ṣe é kí òdo ara ọ̀pá náà bá ètè irin dọ́gba. Màmá ò gbà. Ó bi ọ̀gá wa léèrè pé kí ló dé tí òdo ò sí nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ẹrẹ̀, níbi tí omi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wa wo ojú mi pé kí n bá òun dáhùn. Mo ní, "Màmá, omi tó wà lẹ́yìn ògiri tí kò dé ètè irin, ìjókòó ló jókòó, kò lọ síbì kankan. Èyí tó ga ju ètè lọ ló ń lọ. Orí nìkan la fẹ́ wọ̀n."

Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n. Orí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ọrùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Inú ọ̀gá wa dùn sí ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yíjú sí Bàbá Ládáànì, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ bí? Ọrùn ni ẹ ó ti máa wọn orí omi o." Bàbá ní òun gbọ́. Èmi pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ni yóò kó wa sí wàhálà?

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ń wo ọ̀pá ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, á sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ara wàláà kan tó ti fi kọ́ ọmọ ní kéwú rí. Bí mo bá dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á kà á fún mi nílé rẹ̀, á fọ wàláà náà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀. Omi ń fà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òjò ṣe ń dáwọ́ dúró, bó ṣe yẹ kí odò tó ní ìwà ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Láàárín òní àti ọ̀la, nọ́ńbà náà já wálẹ̀ bí ẹni tó jábọ́ lórí àga. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé ara mi ò gbà á, pé odò kì í já bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ọyẹ́ ni, ọyẹ́ ń gbẹ ètè ènìyàn, mélòó mélòó ni ti odò.

Nígbà tí orí omi dé sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ àti ààbọ̀, ọ̀gá wa ṣírò rẹ̀. Ó jẹ́ lítà méjìlélógún. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó ní, "Kò tó. Ọ̀gbẹlẹ̀ ò sì tíì parí. Lọ sọ fún wọn." Ọ̀gá wa kì í ṣe ìkà. Ohun tí nọ́ńbà bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi lè bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó bí mi nínú pé ẹnu tèmi ló fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Mo dé abúlé lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ lọ sílé Màmá, mo bá kọ́kọ́ yà sí odò, bí ẹni pé mo fẹ́ bẹ odò náà kó tún inú rò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri wa ti di adágún kékeré kan tó dára, omi rẹ̀ mọ́ gaara, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wà lórí òkúta kan. Mo wo ọ̀pá wa. Ewédò ti bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè omi, ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí nọ́ńbà kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Kò sí ojú tó lè ka ọ̀pá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó lè kà á láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Síbẹ̀ Bàbá ti ka nọ́ńbà fún mi ní Jímọ̀ tó kọjá láìṣi ọ̀kan pè. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, mo dé ilé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìbínú ọ̀nà Akanran lára mi.

Orí ẹní ni mo bá a. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ìbínú ò sọ pé kí n má kí àgbà. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Níbo lẹ ti ń rí nọ́ńbà tí ẹ ń kà fún mi?"

Ó ní, "Nínú odò."

"Ewédò ti bo ọ̀pá, Bàbá."

Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ládáànì ń sọ síta. Láti ìgbà tí ọyẹ́ dé tí kànga abúlé gbẹ ni àwọn ìyàwó ilé ti rí i pé ẹ̀yìn ògiri yín jìn, ó sì tutù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀ báyìí. Aago méje gan-an ni wọ́n ń wẹ̀. Àárín wọn ni ọ̀pá yín wà."

Mo gbá ẹnu mi mú.

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ní òun ò lè yí aago padà, ìjọba ló fún òun ní aago. Òun ò lè lé obìnrin kúrò nínú omi, omi ò sí níbòmíràn. Òun ò sì lè lọ wo ohun tí Ọlọ́run ní kí òun má wò. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ògiri ni òun ń gbà wá. Òun á ké "Àgò o!" láti ọ̀nà jíjìn, òun á wá kọjú sí igbó, òun á na ọwọ́ kọjá ògiri, òun á gbé rúlà kalẹ̀ lórí ètè irin, òun á sì fi igun ojú wo rúlà náà nìkan. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ẹ ní ọrùn ni kí n ti máa wọ̀n ọ́n. Ọrùn náà ni mo ń lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin yìí ti ń na ọwọ́ sínú omi ọyẹ́ lárààárọ̀ nítorí ìtìjú ara ẹlòmíràn. Kò fi nọ́ńbà kankan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ohun tó rí ló kọ. Ibi tó ti rí i ni kò dára.

Mo ní kí ẹnì kan pe Màmá wá. Nígbà tí Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó kọ́kọ́ na ìka sí Bàbá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń ké àgò yẹn? A rò pé ẹni tó ń wá ewúrẹ́ nínú igbó ni." Ó wá jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo sọ ohun tí mo bá wá fún wọn, pé ilé iṣẹ́ ti fẹ́ kó sìmẹ́ńtì lọ, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀.

"Lórí nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n níbi tí kò yẹ?"

"Lórí rẹ̀ ni, Màmá."

Bàbá gbójú sókè. Ó ní kí n jẹ́ kó yé òun. Bí òdo ara ọ̀pá bá bá ètè irin dọ́gba, ṣé kì í ṣe omi kan náà ló wà níhìn-ín àti níbẹ̀?

Mo gbé àwo omi kan, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọra da omi jáde, mo ní kí wọ́n wo ojú rẹ̀. Omi tó dúró nínú àwo tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń súnmọ́ ẹnu àwo tí yóò ti fò sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń rọ̀ wálẹ̀ kó tó jáde rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti odò. Bó bá ti rí i pé òun fẹ́ já bọ́, ó ti ń sáré, bó bá sì ti ń sáré, ojú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ri ọ̀pá mọ́ ẹ̀yìn, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́rin gíga orí omi, níbi tí ojú rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Òótọ́ ni pé láti ọrùn ni à ń kà á, ṣùgbọ́n a kì í dúró sí ọrùn kà á.

Màmá wo àwo náà pẹ́. Ó ní, "Omi náà ń kí ilẹ̀ ni. Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ kó tó dé iwájú rẹ̀." Ó yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ṣé ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ lẹ wá ń wọn gíga rẹ̀?"

Bàbá ní, "Mo ṣe bẹ́ẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ níwájú adájọ́, Màmá sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Mo sùn sílé Màmá lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti fi kànìnkànìn ha ewédò kúrò lára ọ̀pá. Àwọn ìyàwó ilé ń dé ní méjì méjì pẹ̀lú garawa wọn. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì gbà á bí eré. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò pẹ́ tí wọ́n gbé e wọlé, béèrè bóyá ara àwọn kò ní í sọ omi náà di púpọ̀. Ìbéèrè tó dára ni. Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, omi á wú díẹ̀, á sì fò jáde lókè irin. Bí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́, á padà síbi tó wà, nítorí ara wọn ò bí omi. Ìjà omi ni kí wọ́n má jà.

Bàbá wá láti ìsàlẹ̀, ó ké àgò. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Àgò yà o, Bàbá Eléwúrẹ́." Wọ́n dúró nínú omi bí ère, aṣọ láyà. Omi náà parọ́rọ́. Bàbá kọjú sí igbó, ó gbé rúlà lé ètè irin, ó ní, "Mẹ́jọ àti ààbọ̀." Èmi tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú mi bá ojú omi dọ́gba, mo ka ọ̀pá. Mẹ́wàá géérégé. Mo tún un kà. Mẹ́wàá ni.

Sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ kò tó ìka ọwọ́, ṣùgbọ́n bí orí omi bá dín díẹ̀, omi tó ń kọjá a máa dín ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí kò ṣe nípọn mọ́ náà ni kò ṣe ní lè yára mọ́. Mo ṣírò rẹ̀ lórí òkúta. Mẹ́jọ àti ààbọ̀ fún wa ní lítà méjìlélógún. Mẹ́wàá fún wa ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo pariwo nọ́ńbà náà, wọn ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìjà omi tí mo ní kí wọ́n má jà.

Ọ̀gá wa wá fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, nítorí kì í gba ìròyìn ayọ̀ gbọ́ bí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń bọ̀ ní odò tààrà, Bàbá sì sáré di ọ̀nà mọ́ ọn. "Alàgbà, ẹ dúró. Aago méje ni." A fi ọ̀gá wa sábẹ́ igi ìrókò kan, òun àti Bàbá kẹ̀yìn sí odò bí àwọn ọmọ tí olùkọ́ fìyà jẹ, títí àwọn obìnrin fi wọṣọ tán. Ó fi ọ̀pá rọ́bà wo òdo, ó rí i pé kò yẹ̀. Ó ka ọ̀pá. Ó gbé rúlà lé ètè irin fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà rúlà kéré sí ti ọ̀pá.

Ó ní, "Mi ò lè fi àbá tún àwọn nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá ṣe. Láti òní lọ ni a ó tún bẹ̀rẹ̀, títí òjò àkọ́kọ́." Ó mú ọ̀dà pupa, ó fa ìlà sára ọ̀pá ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án lé ní mìlímítà mẹ́ta. Ìlà yẹn ni lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ní bí omi bá lọ sábẹ́ rẹ̀ kí òjò tó dé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Bí kò bá lọ sábẹ́ rẹ̀, òun á wá ka èyí tó kẹ́yìn fúnra òun.

Ẹ̀rù bà mí láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀rù nọ́ńbà mọ́, ẹ̀rù oòrùn ni. Ètò tuntun ni pé Bàbá á dúró lábẹ́ ìrókò, á ké aago méje bó ṣe ń ké ìrun, àwọn obìnrin á dúró jẹ́ẹ́, ìyàwó tuntun yẹn, tó ti dé ìwé mẹ́fà, á ka ọ̀pá, á sì ké nọ́ńbà náà padà sí i. Àwọn tí kò mọ̀wé ń wo ìlà pupa. Gbogbo abúlé ni wọ́n mọ iye tó kù. Bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ á ké pè mí, "Àǹtí Olómi, ó ku mìlímítà mẹ́rin!" Màmá ní kí wọ́n máa kó yanrìn tó ń jókòó lẹ́yìn ògiri, nítorí mo ti sọ pé bí yanrìn bá kún ibẹ̀, omi á máa sáré dé irin, a ò sì ní í rí òótọ́ kà mọ́. Àwọn tó ti fi orí ru omi láti ìgbà èwe wá ń fi igbá gbọ́n yanrìn nítorí ohun tí wọn ò tíì rí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa dé láti ka èyí tó kẹ́yìn, ojú ọ̀run ti ṣú díẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn. Òjò ò ní í pẹ́ dé. Ìyàwó tuntun wo ọ̀pá, ó sì yọ ayọ̀ ńlá. Mọ́kànlá! Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú omi. Ọ̀gá wa yọ kálámù láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Màmá ò jó. Ó ń wo irin. Ó ní, "Àná ló wà lẹ́bàá ìlà. Òjò wo ló rọ̀ lóru?"

Mo wo ibi tó ń wò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti fẹ̀gbẹ́ há sẹ́nu irin, ó dí i ní apá kan, omi sì ń wú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè rí i bó bá wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kẹ̀yìn sí i, Bàbá wà lábẹ́ ìrókò. Bí Màmá bá dákẹ́, mọ́kànlá ni wọn ì bá kọ, sìmẹ́ńtì ì bá sì dé. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Màmá rìn lọ síbi irin, ó fa ewé náà yọ, ó jù ú sísàlẹ̀. Ó ní, "Bàbá ò fi ewé tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi náà ò ní í ṣe é."

A dúró. Omi náà fò jáde gidi gan-an, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mẹ́wàá ààbọ̀. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Ó ṣì ń fà. Ìyàwó tuntun fi ọwọ́ bo ojú, ó ní òun ò lè kà á mọ́, mo bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á fúnra mi. Ó fà díẹ̀ sí i, ó dúró. A jẹ́ kó dúró dáadáa. Nígbà tí àwọn obìnrin wọṣọ tán, ọ̀gá wa tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ wọ inú omi. Mìlímítà kan ló fi ga ju ìlà pupa lọ.

Ó dìde, ó ní, "Ó tó."

Wọ́n la ojú omi náà lẹ́yìn òjò. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣí i, omi yọ ní apá òkè, ó ń bọ̀ nínú sìmẹ́ńtì tuntun, ó ń gbé ewé gbígbẹ níwájú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń sáré bá a lọ. Mo wò yíká, mi ò rí Bàbá. Lẹ́yìn náà ni mo rí i lábẹ́ igi kan lẹ́bàá oko, ó kọ ẹ̀yìn sí wa bó ṣe ń ṣe lárààárọ̀, ó ń retí kí ẹnì kan ké nọ́ńbà sí òun.

Màmá lọ bá a. Ó fi ọwọ́ kan apá rẹ̀ jẹ́jẹ́, mi ò rí i kó fi jẹ́jẹ́ ṣe nǹkan rí. Ó ní, "Bàbá, ẹ yíjú padà. Ẹ̀fọ́ ló ń wẹ̀."